Níbo Ni Orúkọ Ìkànnì Ti Ṣìnà?

Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá wà nítòsí rẹ̀ lè tàn án, nítorí ọ̀rọ̀ tòní, ọwọ́ ni a óò fi ṣe é. Gbogbo àṣẹ tí mo bá kà lórí afẹ́fẹ́ ni a tẹ̀ síhìn-ín lẹ́tà sí lẹ́tà fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí í ṣe ọjọ́ Ajé, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù ní Èkó, Fesibúùkù, Wasáàpù àti Instagíráàmù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé. Ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ń fi Wasáàpù tajà ní Balógun kò rí oníbàárà rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé dátà àwọn ló tán, àwọn mìíràn pa fóònù, wọ́n tún un tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yóò ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè náà nìyí:

```
dig facebook.com
```

Ọ̀rọ̀ tó jáde lókè ìdáhùn ni `status: SERVFAIL`. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé sáfà tí a rán níṣẹ́ lọ, ó béèrè, kò sì rí ẹni dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Kò sọ pé orúkọ náà kò sí. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí tóbi, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wa lálẹ́ òní wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbéèrè ṣe ń rìn. Tí àlejò kan bá dé Ìdúmọ̀tà, tó ń wá agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó kọ́kọ́ bi lè má mọ ilé náà rárá, ṣùgbọ́n yóò ní kó máa lọ sí Ẹnu Ọwá. Àwọn ará Ẹnu Ọwá yóò nawọ́ sí àdúgbò, àwọn àgbà àdúgbò yóò nawọ́ sí agbo ilé, inú agbo ilé gan-an ni wọn yóò ti sọ fún un pé yàrá báyìí ni ẹni tó ń wá ń gbé. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo rẹ̀. Oníkálukú mọ ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ ìkànnì ṣe rí. Orúkọ tó bá parí sí `.com.ng`, sáfà gbòǹgbò kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó ń bójú tó `.ng`, tí ẹgbẹ́ NiRA ń ṣe àkóso rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn sáfà `.ng` náà kò mọ àdírẹ́sì ìkànnì, wọ́n kàn mọ àwọn sáfà tí àkọsílẹ̀ orúkọ náà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa pè ní sáfà olórúkọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni abẹ gé.

Èmi àti ẹ̀yin kì í rin ìrìn náà fúnra wa. Sáfà kan wà tó ń bá wa rìn ín, yálà ti ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa, tàbí ti Gúgù tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ `8.8.8.8`. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní sáfà abánibéèrè. Tó bá rí ìdáhùn, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ìwọ̀nba àkókò, kó má baà tún ìrìn náà rìn fún ẹlòmíràn tó bá béèrè ohun kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá yẹn, àwọn sáfà gbòǹgbò dáhùn, àwọn sáfà `.com` náà dáhùn, wọ́n sì tọ́ka sí sáfà olórúkọ mẹ́rin, láti `a.ns.facebook.com` dé `d.ns.facebook.com`. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gan-an ni kò fọhùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Fesibúùkù ń ṣe àtúnṣe, àṣẹ kan já gbogbo okùn tó so àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Wọ́n sì ti ṣètò àwọn sáfà olórúkọ náà pé tí wọn kò bá rí àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńlá mọ́, kí wọ́n yọ ọ̀nà ara wọn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ ọ́, gbogbo ayé kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àkọsílẹ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀ láìyingin. Ẹni tó bá béèrè ní ìpele kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé ìpele tó gbẹ̀yìn ni ọ̀nà ti gé, kò sì ní tìtorí rẹ̀ lọ ra dátà tuntun.

Aṣàwákiri tí a fi ń wo ìkànnì kì í sọ gbogbo èyí fún wa. Gbólóhùn kan náà ló máa ń gbé jáde, pé òun kò rí ìkànnì náà. `dig` ló máa ń sọ èyí tó jẹ́. Ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà Máàkì. Lórí Ùbúńtù, `sudo apt install dnsutils` ni a fi ń gbé e wọlé. Kí ojú yín kọ́kọ́ lọ sí ibi méjì péré nínú ohun tó bá kó jáde. Èkíní ni `status` tó wà lókè. `NXDOMAIN` túmọ̀ sí pé ẹni tó láṣẹ láti sọ̀rọ̀ ti sọ pé orúkọ náà kò sí. Ẹ wò ó bóyá ẹ ṣi í kọ, tàbí owó ọdún rẹ̀ ti wọlé tí ẹ kò san, tí wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. `NOERROR` túmọ̀ sí pé ìbéèrè náà lọ ire bọ̀ ire, àmọ́ ìdáhùn lè ṣófo, nítorí orúkọ lè wà kó má sì ní àdírẹ́sì. `SERVFAIL`, a ti sọ ọ́. Èkejì ni ìlà `SERVER` nísàlẹ̀, tó ń sọ ẹni tó dá yín lóhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ kà. Ìdáhùn láìmọ ẹni tó sọ ọ́, kò ṣeé gbé ẹjọ́ lé.

Nígbà mìíràn, kò ní sí `status` kankan. `no servers could be reached` ni yóò kọ, ìyẹn ni pé sáfà abánibéèrè gan-an kò fọhùn. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ tí okùn abẹ́ òkun bá gé, bí ó ti ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abijáànì. Ẹ tún béèrè orúkọ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá. Tí òun náà kò bá jáde, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn orúkọ ìkànnì yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àlàájà kan wà tó ń ta léèsì àti áńkárá nítòsí Ìdúmọ̀tà. Ìkànnì rẹ̀ ni àwọn oníbàárà òkè òkun fi ń wo aṣọ. Ó kó ìkànnì náà kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ó tẹ iye owó tuntun sí i, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ló bá di pé àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ìkànnì àtijọ́, pẹ̀lú owó àná. Àwọn oníbàárà níbẹ̀ sì ń bínú pé wọ́n ń dá owó lé àwọn lórí.

"Ọmọ mi," ló wí fún mi, "nínú ṣọ́ọ̀bù mi níhìn-ín, tuntun ni mo ń rí. Ṣé ojú ọmọ ìyá mi ló ń ṣe bàìbàì ni?"

"Ẹ má bínú sí wọn, Ìyá," mo fèsì. "Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ."

Orúkọ ìkànnì wọn, n kò ní dá a síhìn-ín. Mo fi `example.com.ng` rọ́pò rẹ̀, mo sì pààrọ̀ àwọn àdírẹ́sì náà. Mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rúta inú ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì tuntun ló fún mi, `203.0.113.25`. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ Gúgù:

```
dig example.com.ng @8.8.8.8

example.com.ng.  9127  IN  A  192.0.2.80
```

Àdírẹ́sì àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà àárín yẹn, 9127. Ìṣẹ́jú-àáyá tó kù kí sáfà abánibéèrè gbàgbé ìdáhùn náà, kó sì tún lọ béèrè, ni. Àkọsílẹ̀ Àlàájà ní 14400 níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́rin. Tí ẹ bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn, tí nọ́ńbà yìí sì ń dín kù, inú ìrántí sáfà náà ni ìdáhùn ti wá. Ti Gúgù a máa fò sókè sódò, nítorí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ló wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan yẹn, ìrántí wọn kò sì pa pọ̀.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti máa ń sọ fún oníbàárà pé kó ní sùúrù, pé yóò tàn káàkiri tó bá di ọ̀la. N kò fara mọ́ ọn. Ìdáhùn tó wà nínú ìrántí ní iye wákàtí tí yóò fi pẹ́, ẹ sì ń rí i lójú yín. Tí wákàtí mẹ́rin bá ti kọjá lẹ́yìn ìyípadà, tí ìdáhùn àtijọ́ sì tún jáde pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin tuntun lórí rẹ̀, á jẹ́ pé ẹnìkan ṣì wà níbìkan tó ń sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìyípadà ti Àlàájà ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, mo fi sáfà abánibéèrè sílẹ̀, mo rin ìrìn náà fúnra mi:

```
dig +trace example.com.ng
```

Àṣẹ yìí á bẹ̀rẹ̀ láti orí gbòǹgbò, á sọ̀kalẹ̀ dé `.ng`, á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn sáfà olórúkọ, ní ìpele-ìpele. Ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ ẹni tó fún un ní ìdáhùn. Ẹ ka ìpele tí àwọn sáfà `.ng` ti sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n tọ́ka sí sílẹ̀. Méjì ni wọ́n tọ́ka sí fún Àlàájà: `ns1.example.net`, ti ilé-iṣẹ́ tuntun, àti `ns2.example.org`. Èkejì yìí, ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ló ni ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ sáfà lórí fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ tó ta orúkọ náà fún wọn, wọ́n yí ti ìlà kìíní, wọn kò fọwọ́ kan ti ìlà kejì. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà kò sì tíì pa àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn rẹ́. Sáfà abánibéèrè kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti kúrò nídìí iṣẹ́. Ó lè mú èyí tó bá wù ú. Ti Èkó mú tuntun, ti Pẹ́kàmù mú àtijọ́. Lọ́jọ́ mìíràn ó lè yí padà.

Kí n má baà fi ìfura dá ẹjọ́, mo bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo béèrè kì í ṣe àdírẹ́sì, ìlà tó ń ṣàfihàn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní `SOA`:

```
dig +norec +short SOA example.com.ng @ns1.example.net
dig +norec +short SOA example.com.ng @ns2.example.org
```

`+norec` ń sọ fún sáfà náà pé kó má bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó sọ. Nínú ìdáhùn, nọ́ńbà kìíní lẹ́yìn àwọn orúkọ méjèèjì ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọjọ́ kọ ọ́. Ti sáfà tuntun jẹ́ 2024091801, ti àtijọ́ jẹ́ 2023051102. Ẹni tó bá lè ka ọjọ́ yóò rí i pé èkejì ti fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo fi hàn wọ́n lójú iṣẹ́. Àlàájà fi ìka tọ nọ́ńbà náà, ó ní, "Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ìkànnì gan-an nìyẹn."

Ọ̀nà kúkúrú kan wà tó dà bíi pé ó tó, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún un. `dig +nssearch` máa ń lọ bi gbogbo sáfà olórúkọ ní nọ́ńbà ẹ̀dà wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹnu sáfà abánibéèrè ló ti ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ bi, èyí sì lè jẹ́ orúkọ tí sáfà tuntun kọ sínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, tó yàtọ̀ sí èyí tí `.ng` ń tọ́ka sí. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, sáfà àtijọ́ yóò fara pamọ́, gbogbo nǹkan yóò sì dà bíi pé ó dọ́gba. Ẹnu `.ng` ni kí ẹ ti gba orúkọ wọn.

Ká ní ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ti pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ ni, `status: REFUSED` ni `ns2` ìbá fi dáhùn. Sáfà abánibéèrè yóò kàn kọjá lọ bi `ns1`, ìkànnì yóò sì ṣí, bó tilẹ̀ lọ́ díẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá kọ̀ nìkan ni `SERVFAIL` yóò jáde. Lójú tèmi, sáfà tó kú sàn ju èyí tó ń sọ irọ́ lọ, nítorí èyí tó kú kì í tan oníbàárà jẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ tó ta orúkọ. A yí ìlà kejì sí `ns2.example.net`, sáfà kejì ti ilé-iṣẹ́ tuntun. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì, a kọ́kọ́ fi `dig +norec` bi òun náà, kí a lè rí i pé ó mọ orúkọ náà àti pé nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ bá ti ìkíní mu. Ẹ wo ìlà `flags` nínú ìdáhùn rẹ̀. `aa` gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òun ni àmì pé sáfà náà ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórúkọ, kì í ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí a óò dúró ní ìdí. Àwọn sáfà abánibéèrè ti tọ́jú orúkọ sáfà àtijọ́ náà, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀ sì wà lórí ìlà `NS` tí `+trace` kó jáde. Ẹ kà á níbẹ̀ kí ẹ tó dá ìgbà fún ẹnikẹ́ni.

Nǹkan méjì wà tí `+trace` kò lè ṣe. Ìbéèrè rẹ̀ nípa orúkọ yín kì í gba ọ̀dọ̀ sáfà abánibéèrè yín kọjá, nítorí náà ó lè dé ilé láyọ̀ nígbà tí sáfà ilé-iṣẹ́ dátà yín ṣì ń fún yín ní `SERVFAIL`. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi sáfà náà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú `+cd`, tó ń sọ fún un pé kó má yẹ òǹtẹ̀ wò. Tí ìdáhùn bá jáde nígbà yìí, òǹtẹ̀ orúkọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní `DNSSEC`, ló bàjẹ́ tàbí tó ti kọjá ọjọ́. Olórúkọ ni yóò tún un ṣe. Èkejì ni pé àwọn rúta kan máa ń já ìbéèrè gbà lójú ọ̀nà, wọ́n á sì dáhùn fúnra wọn, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán an sí. Àmì rẹ̀ ni kí sáfà olórúkọ dáhùn láìsí `aa`, kí nọ́ńbà àárín sì máa dín kù. Ẹ gbìyànjú láti orí dátà fóònù dípò Wáífáì, kí ẹ fi wé ara wọn.

Ẹni tó bá wà lórí Wíńdóòsì, bíi kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, kò ní `dig`, ṣùgbọ́n `nslookup` wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ béèrè ló ń ṣíwájú, sáfà tí ẹ fẹ́ bi ló ń kẹ́yìn:

```
nslookup -type=a example.com.ng. ns1.example.net
nslookup -type=soa example.com.ng. 8.8.8.8
```

Ẹ ṣàkíyèsí àmì ìdánudúró tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Láìsí i, Wíńdóòsì lè kọ́kọ́ so ìrù nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mọ́ orúkọ, kó sì lọ béèrè ohun tí ẹ kò wá. Ìlà `Non-authoritative answer` máa ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ó kàn ń sọ pé sáfà abánibéèrè ló dáhùn. Èyí tó yẹ kó dùn yín ni tí ẹ bá rí i nígbà tí ẹ bi sáfà olórúkọ gan-an. `Non-existent domain` ni `NXDOMAIN` tiwa, `Server failed` ni `SERVFAIL`, `Query refused` sì ni `REFUSED`.

Lẹ́yìn tí a tún ti Àlàájà ṣe, tí Gúgù, rúta àti àwọn sáfà olórúkọ méjèèjì ti ń sọ ohun kan náà, àbúrò wọn ní Pẹ́kàmù tún pè pé òun ṣì ń rí owó àná lórí kọ̀ǹpútà òun. Mo ní kí wọ́n tẹ `nslookup`. Àdírẹ́sì tuntun ló jáde. Ohun tó fa èyí ni pé `nslookup` kì í wo ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ sáfà ló máa ń lọ tààrà, nígbà tí aṣàwákiri ń lo ìdáhùn tí kọ̀ǹpútà náà ti tọ́jú. Mo ní kí wọ́n pa aṣàwákiri náà pátápátá, kí wọ́n tẹ èyí, kí wọ́n sì tún un ṣí:

```
ipconfig /flushdns
```

Iye owó tuntun ló jáde.